Bí a ṣe ń ṣírò búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ilé oníyàrá mẹ́ta látinú pláànù

Iṣẹ́ tó máa wà nílẹ̀ nígbà tí ilé bá parí ni bí-ó-kíù, ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n iṣẹ́ ilé àti owó rẹ̀ sí, ń wọ̀n: bí ògiri ṣe tóbi tó, bí kankéré ṣe pọ̀ tó, iye ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ owó rẹ̀ sí. Iye búlọ́ọ̀kù àti àpò sìmẹ́ńtì kì í sábà sí níbẹ̀. Inú àwọn ìwọ̀n yẹn la ti ń yọ wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ògiri. Ká ní ilé náà gùn ní mítà 12, ó sì fẹ̀ ní mítà 10. Ẹni tó bá yí ìta rẹ̀ ká yóò rí mítà 44, ṣùgbọ́n ó ti ka igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Àárín ògiri ló yẹ ká tọ̀. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án nípọn ní mítà 0.225, bí a bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ku 43.1. Bí ògiri inú bá jẹ́ 36.9, gbogbo rẹ̀ di mítà 80.

Bí ògiri bá ga ní mítà 2.7, ojú rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 216. A ó yọ ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ká ní 28.8, àti líńtẹ̀lì tó yí ilé po, 18. Ó ku 169.2. Búlọ́ọ̀kù 10 la ń kà fún mítà onígun mẹ́rin kan, ìyẹn 1,692. Ní tòótọ́, bí a bá ka sìmẹ́ńtì àárín wọn mọ́ ọn, bí i mẹ́jọ àbọ̀ ni ògiri ń gbà. Èyí tó lé wà fún fífọ́ àti gígé. Ẹni tó bá tún fi kún un ti sanwó fífọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àfi bí búlọ́ọ̀kù náà bá jẹ́ irú èyí tí etí rẹ̀ ń rún bí a bá gbé e.

Ìpìlẹ̀ kò ní fèrèsé. Bí ògiri abẹ́ ilẹ̀ bá ga ní mítà 1.2, 960 ni yóò gbà, àpapọ̀ wá di 2,652. Lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ máa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, pláànù nìkan ò sì lè fi í hàn. Àfi ká lọ wọ̀n ọ́n níbẹ̀.

Kankéré ìpìlẹ̀ ló ń tan èèyàn jù. Bí ó bá fẹ̀ ní mítà 0.675, tó sì nípọn ní 0.225, kúbíìkì mítà 12.15 ni. Bí a bá po sìmẹ́ńtì kan mọ́ yanrìn mẹ́ta àti òkúta mẹ́fà, tí a wá pín in sí ọ̀nà 10, ìdá ti sìmẹ́ńtì jẹ́ kúbíìkì mítà 1.215, yóò sì dà bíi pé àpò 35 ti tó. Kò tó. Yanrìn máa ń wọ àlàfo àárín òkúta, omi sì ń mú gbogbo rẹ̀ sún mọ́ra, nítorí náà ohun gbígbẹ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 1.54 kankéré tútù. Àpò 54 ni iye tó tọ́.

Ẹni tó ra 35 á rí i pé ó tán nígbà tí bí ìdá kan nínú mẹ́ta kòtò ṣì ṣófo, tàbí kí bíríkìlà ti máa fi yanrìn là á láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè dé òpin. Èyí kejì yìí kì í hàn lójú. Kí a máa ka àpò òfìfo bí wọ́n ṣe ń dà á: bí kòtò bá ti kún dé ìdajì, ó yẹ kí àpò 27 ti tán.