Ìpìlẹ̀ Ètò Afẹ́fẹ́ fún Wọ́ọ̀dù Oníbẹ́ẹ̀dì Mẹ́fà

Ìwé ìpìlẹ̀ ètò afẹ́fẹ́ ni àkọsílẹ̀ tí ẹnjiníà máa ń ṣe kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ kankan fún wọ́ọ̀dù. Inú rẹ̀ ló ti ń sọ iye afẹ́fẹ́ mímọ́ tí yàrá náà nílò, ibi tí yóò ti wá, àti irú asẹ́ tí yóò gbà kọjá.

Ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ tó kún yàrá ń wọlé láàárín wákàtí kan. Pípààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní kí gbogbo afẹ́fẹ́ àtijọ́ jáde tán, nítorí tuntun àti àtijọ́ máa ń pò mọ́ra. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 6 ní wákàtí kan, ó máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 46 kí ìdá 99 nínú 100 ohun tí aláìsàn wú síta tó kúrò, bí kò bá tún wúkọ́ mọ́.

Ká mú wọ́ọ̀dù tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 7.5, tó sì ga ní mítà 3. Ẹ̀kún rẹ̀ jẹ́ kúbíkì mítà 180. Ìpààrọ̀ 6, tí ìtọ́sọ́nà HTM 03-01 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní fún wọ́ọ̀dù gbogbogbò, yóò mú 1,080 wọlé ní wákàtí kan, èyí tó fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní líta 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Líta 60 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dá lábàá ní 2009, nínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ àdánidá. Láti dé ibẹ̀, a nílò kúbíkì mítà 1,296, ìyẹn ìpààrọ̀ 7.2. Bí wọ́n bá ti bẹ́ẹ̀dì keje sí i, iye ìpààrọ̀ kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ìpín oníkálukú ti dín kù. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìwé náà ka orí aláìsàn.

Bí kúbíkì mítà 360 nínú 1,296 yẹn bá ti ìta wá, 936 tó kù lè jẹ́ afẹ́fẹ́ inú yàrá tí a sẹ́ padà. Asẹ́ tí wọ́n kọ MERV 14 sí lára máa ń mú ó kéré tán ìdá 75 nínú 100 àwọn ẹ̀yà tíntìntín tó ṣòro mú jù nínú ìdánwò rẹ̀, nítorí náà 1,248 ni fáànù gbọ́dọ̀ tì gba inú rẹ̀ kọjá kí 936 tó mọ́ tó lè jáde. Asẹ́ HEPA máa ń mú ìdá 99.97, ṣùgbọ́n ó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà jù, bẹ́ẹ̀ bí fáànù kò bá lágbára tó, afẹ́fẹ́ yóò dín kù. Àwọ̀n tó wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù ara ògiri kò wọ ìṣirò yìí rárá, torí eruku ńláńlá nìkan ló ń gbà.

Bí eruku bá ṣe ń pọ̀ lára asẹ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ìyàtọ̀ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò máa ga. Bí ó bá ṣàdédé wálẹ̀ tí fáànù sì ń yí bó ṣe yẹ, afẹ́fẹ́ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ìlà eruku dúdú létí férémù lẹ́yìn asẹ́ ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n.