Dídá àwọn ajagun Catarina mọ̀ yàtọ̀ nínú àwòrán géèmù Dark Souls

Dídá ẹ̀dá inú géèmù fídíò mọ̀ láti ara àwòrán ojú ẹ̀rọ ni fífún ẹni tí ó hàn nínú àwòrán tí a yà bí eré ṣe ń lọ lọ́wọ́ ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ náà máa ń ṣòro níbi tí àwọn géèmù tí ó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà bá ń lo ìhámọ́ra kan náà, ìlànà àwòrán kan náà àti àwọn àmì tí ó jọra lójú ẹ̀rọ. Ìhámọ́ra àwọn ajagun Catarina, ilẹ̀ kan nínú ìtàn Dark Souls, fi èyí hàn kedere. Ó wà nínú Dark Souls (2011) àti Dark Souls III (2016), tí ilé-iṣẹ́ FromSoftware ti orílẹ̀-èdè Japan ṣe. Ìgbàyà rẹ̀ rí roboto, àṣíborí rẹ̀ sì bo gbogbo ojú, ó ṣe rìbìtì bí àlùbọ́sà. Nítorí náà ni àwọn olólùfẹ́ géèmù náà ṣe ń pe ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ní ajagun alálùbọ́sà.

Ẹ̀dá mẹ́rin ni ìtàn inú àwọn géèmù náà fi sínú ìhámọ́ra yìí. Nínú Dark Souls, Siegmeyer ni ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, Sieglinde ọmọbìnrin rẹ̀ sì wọ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Nínú Dark Souls III, Siegward ni ó ni ín, ṣùgbọ́n Patches, ẹlẹ́tàn tí ó máa ń yọjú léraléra nínú àwọn géèmù ilé-iṣẹ́ yìí, jí i wọ̀, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní Siegward. Ẹnì karùn-ún ni ẹni tí ń ṣeré fúnra rẹ̀, nítorí pé òun náà lè rí ìhámọ́ra náà kó wọ̀. Níwọ̀n bí àṣíborí ti bo ojú, irun àti àwọ̀ ara pátá, kò sí ohun kankan lára ìhámọ́ra náà tí ó lè fi ẹnì kan hàn yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tí ó bá fi aṣọ nìkan dárúkọ kàn ń méfò ni.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá ni irú géèmù tí a ti ya àwòrán náà, igun òkè lápá òsì ni ó sì máa ń fi í hàn. Nínú Dark Souls, ìlà méjì ni ó wà níbẹ̀: pupa fún ẹ̀mí, àwọ̀ ewé fún okun, pẹ̀lú òbìrí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí a kọ iye Humanity sí, ìyẹn ohun kan tí ẹni tí ń ṣeré máa ń kó jọ. Nínú Dark Souls III, ìlà mẹ́ta ni, nítorí pé ìlà búlúù tí a ń lò fún idán àti ọgbọ́n ìjà wọ àárín pupa àti àwọ̀ ewé. Àwọn àmì yòókù kò ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀: nínú méjèèjì, àwòrán ohun ìjà àti ohun èlò tí a dì mú wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, iye ọkàn tí a kó jọ sì wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìlà mẹ́ta náà kò tó láti parí ọ̀rọ̀, nítorí pé Demon's Souls (2009), géèmù ilé-iṣẹ́ yìí tí ó ṣáájú wọn, náà ní pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n ìhámọ́ra Catarina kò tíì sí nígbà náà, nítorí náà, bí ìlà mẹ́ta bá pàdé àṣíborí alálùbọ́sà, Dark Souls III ni a ń wò.

Àṣìṣe méjì ni ó máa ń wáyé níbí. Bí wọ́n bá ti fún àwòrán mọ́ra jù kí ó lè fúyẹ́, àwọn ìlà tínínrín náà lè dà pọ̀ mọ́ ara wọn, kí mẹ́ta dà bí méjì; ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ní láti sọ igun náà di ńlá, kí ó ka etí ìlà dípò àwọ̀, nítorí etí ìlà ṣì máa ń wà níbẹ̀ bí okun tilẹ̀ ti tán. Ìkejì ni pé ẹni tí ń ṣeré lè ti pa gbogbo àmì ojú ẹ̀rọ kí ó tó ya àwòrán. Nígbà bẹ́ẹ̀, orúkọ fáìlì lè ṣèrànwọ́ bí a bá yà á láti inú Steam, ibi tí a ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà, nítorí pé nọ́ńbà géèmù náà máa ń ṣáájú ọjọ́ àti àkókò nínú orúkọ ẹ̀dà tí kò fún pọ̀:

```
374320_20230514201530_1.png
```

Nọ́ńbà 374320 jẹ́ ti Dark Souls III, 570940 sì jẹ́ ti Dark Souls: Remastered. Ó kàn jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè yí orúkọ fáìlì padà.

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ géèmù, ìbéèrè tó kàn ni èwo nínú àwọn tí ó hàn ni ẹni tí ń ṣeré. Òun ni kámẹ́rà géèmù máa ń tẹ̀ lé láti ẹ̀yìn, ohun ìjà ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá àwòrán ohun ìjà ìsàlẹ̀ lápá òsì mu. Ìdúró ara kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé nínú Dark Souls III, Siegward máa ń kọ́ ẹni tí ń ṣeré bí a ṣe ń gbé ife sókè àti bí a ṣe ń sùn ní ìjókòó lẹ́yìn tí wọ́n bá jọ pa ẹ̀mí èṣù oníná ní Undead Settlement. Ajagun alálùbọ́sà tí ó jókòó tí ó ń tòògbé lè jẹ́ ẹni tí ń ṣeré tí ó ń fara wé e.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwòrán kan báyìí. Ajagun Catarina méjì ni ó wà nínú rẹ̀, nínú ilé ìjọsìn ńlá tí ó ṣókùnkùn. Ìlà mẹ́ta ni ó wà ní igun òkè, nítorí náà Siegmeyer àti Sieglinde ti jáde nínú ọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ yí ẹ̀yìn sí wa, ọ̀kọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti wà nínú àwòrán ìsàlẹ̀: ẹni tí ń ṣeré nìyẹn. Èkejì dúró ní òkèèrè ní òdì kejì afárá tí a ń gbé sókè sọ̀ kalẹ̀ ní Cathedral of the Deep. Ọ̀pọ̀ ni yóò yára pè é ní Siegward, ṣùgbọ́n ní apá ibí yìí nínú ìtàn, inú kànga ìta ni Siegward wà, láìní ìhámọ́ra, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun wá a. Nítorí náà, Patches ni, àyàfi bí ara rẹ̀ bá ń tàn bí ti ẹ̀mí. Bí ó bá ń tàn, ẹlòmíràn ni ó wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tí ó fún ara rẹ̀ sì lè hàn lókè orí rẹ̀.

Siegmeyer àti Sieglinde ni ó le jù láti yà sọ́tọ̀, nítorí pé ohùn ni ó fi ìyàtọ̀ wọn hàn, àwòrán kì í sì í sọ̀rọ̀. Ibi tí a ti rí wọn ni a óò fi mọ̀ wọ́n: ajagun tí ó jókòó síwájú ẹnu ọ̀nà Sen's Fortress ni Siegmeyer, èyí tí ó jáde láti inú òmìrán kírísítálì ní Duke's Archives sì ni Sieglinde. Ní Firelink Shrine, àwọn méjèèjì lè yọjú ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà àwòrán ibẹ̀ tí kò ní àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ní ìsàlẹ̀ kò ju kí a kọ «ajagun Catarina» sí abẹ́ rẹ̀ lọ. Ní Ash Lake, a lè rí méjèèjì pa pọ̀. Níbẹ̀, ẹni tí ó ṣubú sílẹ̀ ni bàbá, ọmọ ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbogbo ìlànà yìí dúró lórí pé géèmù náà wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é. Lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ènìyàn máa ń pààrọ̀ aṣọ ẹ̀dá kan sí ti ẹlòmíràn, wọ́n sì lè gbé ìhámọ́ra yìí lọ sínú géèmù tí kò ní in tẹ́lẹ̀. Àmì irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ibi, ìlà ojú ẹ̀rọ àti aṣọ kò ní bára mu: bí àpẹẹrẹ, àṣíborí alálùbọ́sà lábẹ́ igi wúrà ńlá ti Elden Ring, géèmù mìíràn ti ilé-iṣẹ́ yìí.