Bóòtù 1/2-13 UNC-2A: ibi tí féníà ò lè dé

Bóòtù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ní ṣọ́ọ̀bù léètì kan ní Ìsokùn, Iléṣà, wọ́n fẹ́ fi de ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ata mọ́lẹ̀. Wọ́n fi féníà wọ̀n ọ́n, ó fún wọn ní 0.497 ínṣì, gbogbo wọn ní ó pé, háàfù ínṣì ni. Nọ́ọ̀tù wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ ó ń mì sọ́tùn-ún sósì lára ẹ̀. Féníà ò parọ́ o, orí tírẹ́ẹ̀dì nìkan ló wọ̀n, orí tírẹ́ẹ̀dì kọ́ ló sì ń di nọ́ọ̀tù mú.

Ohun tí wọ́n ní kí tọ́nà gé nìyí:

```
1/2-13 UNC-2A
```

1/2 ni bí bóòtù ṣe tóbi tó ní ínṣì, 13 ni iye tírẹ́ẹ̀dì tó wà nínú ínṣì kan, UNC ni ìdílé ẹ̀, ìyẹn àwọn tí tírẹ́ẹ̀dì wọn nípọn, torí UNF ti háàfù ínṣì kan náà 20 ló ní. Ọdún 1948 ni Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì àti Kánádà fẹnu kò lórí ìdílé yìí, tírẹ́ẹ̀dì oní 60 dìgírì. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ti Ìlú Ọba wá máa ń lo Wítíwọ́ọ̀tì, 12 ni tiẹ̀ fún háàfù ínṣì, 55 dìgírì sì ni, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀tù UNC fi lè yí díẹ̀ lára bóòtù Wítíwọ́ọ̀tì kó wá há, tó bá ti há báyẹn ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi sípánà fipá mú un.

2 ni kíláàsì bó ṣe máa fún mọ́ra, láti 1 tó dẹ̀ jù dé 3 tó fún jù, A sì ni bóòtù, B ni nọ́ọ̀tù. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni 2A pẹ̀lú 2B.

Kíláàsì yìí, píìṣì dáyámítà ló fi ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ wo tírẹ́ẹ̀dì láti ẹ̀gbẹ́, ó dà bí eyín ayùn, lókè ibẹ̀ àlàfo ló fẹ̀ ju irin lọ, nísàlẹ̀ irin ló fẹ̀ ju àlàfo, láàárín méjèèjì ibì kan wà tí irin àti àlàfo fẹ̀ dọ́gba, tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀ kọjá sí òdìkejì bóòtù, òun nìyẹn. Fún 1/2-13, ìpìlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 0.4500 ínṣì. Bóòtù 2A gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.4435 sí 0.4485, nọ́ọ̀tù 2B láàárín 0.4500 sí 0.4565. Bóòtù tó sanra jù nínú 2A àti nọ́ọ̀tù tó fún jù nínú 2B, 0.0015 ṣì wà láàárín wọn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni síǹkì tí wọ́n fi ń bo bóòtù ń gbà: torí pé ẹ̀gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì dagun, tó sì wà lápá méjèèjì, ìnípọn síǹkì á di ìlọ́po mẹ́rin nínú píìṣì dáyámítà, 0.0002 á di 0.0008, ó ṣì gbà á. Síǹkì gbígbóná tí wọ́n ń ri bóòtù bọ̀ nípọn ju ìyẹn lọ dáadáa, nọ́ọ̀tù ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi tápù tó tóbi gé.

3A ò ní 0.0015 tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn, 0.4463 sí 0.4500 ni tiẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rọ ata tó ń jẹ omi àti iyanrìn lójoojúmọ́ ò nílò ẹ̀, 2A ló yẹ ẹ́.

Láti wọ̀n ọ́n, wáyà mẹ́ta tó rí bákan náà ni wọ́n ń lò, méjì lápá kan, ọ̀kan lápá kejì, kí wáyà jókòó sínú àlàfo, kí wọ́n fi máíkírómítà wọ̀n wọ́n látòkè. Fún tírẹ́ẹ̀dì 13, wáyà tó bá a mu jù jẹ́ 0.0444 ínṣì, P sì ni 1 tí wọ́n pín sí 13:

```
E = M - 3W + 0.86603P
```

M ni ohun tí máíkírómítà sọ, W ni wáyà, E ni píìṣì dáyámítà. Bóòtù Ìsokùn yẹn, máíkírómítà sọ 0.5075. Ẹ yọ 0.1332 kúrò, ẹ fi 0.0666 kún un, ó di 0.4409. 2A ò gbà á, kódà 1A tó dẹ̀ jù, 0.4411 ni ìsàlẹ̀ tiẹ̀. Tọ́nà ti lo irin ìgé tí ẹnu ẹ̀ ti kú, ó fẹ̀ lẹ́nu, ó sì gé e jìn bí èyí tó mú, àlàfo wá fẹ̀, irin inú tírẹ́ẹ̀dì tín-ín-rín, orí ẹ̀ ò sì dín, ohun tó jẹ́ kí féníà gbà á nìyẹn.

Wọ́n ní kí àwọn wá nọ́ọ̀tù 3B tó fún. Kò lè ṣe é, torí 3B náà láti 0.4500 ló ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó fún jù nínú ẹ̀ ṣì máa fi 0.0091 sílẹ̀ lára bóòtù yẹn, tí wọ́n bá sì fún un líle, tírẹ́ẹ̀dì lè fà tu. Òmíràn ni wọ́n gé, wọ́n pọ́n irin ìgé, tọ́nà ò sì yọ bóòtù kúrò lórí léètì títí máíkírómítà lórí wáyà fi wà láàárín 0.5101 àti 0.5151.