“Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ rédíò”: ohun tí ìwé ìbéèrè kò lè jẹ́rìí sí

Ẹ ṣí orí kẹrin nínú ọ̀pọ̀ prójẹ́ẹ̀tì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìròyìn àti ìbánisọ̀rọ̀ máa ń kọ lórí rédíò àti àwọn ọ̀dọ́, ẹ ó bá irú gbólóhùn yìí pàdé: “Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olùdáhùn ló máa ń gbọ́ ìròyìn rédíò lójoojúmọ́.” Tó bá kan àhesọ, ẹ ó tún rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í fi ìròyìn tí wọn kò tíì yẹ̀ wò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kó o sínú tábìlì, alábòójútó buwọ́ lù ú, ó di àbájáde ìwádìí. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí méjèèjì ni pé ohun tí èèyàn bá fi àmì sí lórí ìwé ni ohun tó ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì ti wọ̀n bí àlàfo àárín méjèèjì ṣe tó.

Ní ọdún 2009, Markus Prior gbé ìwádìí kan jáde lórí ìròyìn tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó mú ohun tí àwọn èèyàn sọ nígbà tí wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ń wo ìròyìn, ó fi í ṣe ẹ̀gbẹ́ iye òǹwòran tí ilé iṣẹ́ Nielsen kà, ìyẹn iye tí kò dúró lórí kí ẹnikẹ́ni máa ròyìn ara rẹ̀. Iye àwọn tó sọ pé àwọn ń wo ìròyìn tó ìlọ́po mẹ́ta iye Nielsen. Láàárín àwọn ẹgbẹ́ kan, ó tó ìlọ́po mẹ́jọ. Lóòótọ́, tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, kì í ṣe rédíò, ṣùgbọ́n irú ìbéèrè tó wà nínú prójẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n bi wọ́n.

Ẹ má rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ta ló ń ka iye ìgbà tó gbọ́ rédíò lọ́sẹ̀? Bí ìwé bá bi mí pé “báwo lo ṣe máa ń gbọ́ ìròyìn rédíò sí?”, tó sì fún mi ní “lójoojúmọ́”, “lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan” àti “rárá”, n kò ní ìṣirò kankan lórí tí mo fẹ́ wò. Ohun tí màá ṣe ni pé màá rántí ilé iṣẹ́ rédíò tí mo fẹ́ràn, màá rò ó bóyá irú ẹni tó ń tẹ̀ lé ìròyìn ni mí, màá sì mú èyí tó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn jẹ́ ohun iyì. Ẹni tó sọ pé òun kì í gbọ́ ọ lè máa wò ó pé wọn yóò ka òun sí òpè, pàápàá bó bá jẹ́ pé ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló na ìwé náà sí i, tó dúró tì í títí ó fi parí. Ti rédíò tún le díẹ̀ sí i. Èyí tí awakọ̀ tàn nínú ọkọ̀, tí olùdáhùn kàn bá níbẹ̀, ṣé ó wà lára rẹ̀? Ohùn atọ́kùn ètò tí wọ́n gé, tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù ńkọ́? Ìwé ìbéèrè kò sọ, kálukú sì dáhùn gẹ́gẹ́ bó ṣe yé e.

Àwọn tó ń fi kíka olùgbọ́ rédíò ṣe iṣẹ́ jẹ mọ ìṣòro yìí dáadáa, torí owó ìpolówó wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé àkọsílẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Arbitron ń pín fáwọn èèyàn l’Amẹ́ríkà kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sínú rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú ni wọ́n pín ọjọ́ sí, ẹni tó bá sì gbọ́ ilé iṣẹ́ kan fún ìṣẹ́jú 5 nínú rẹ̀ ni wọ́n ń kà fún ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tó di 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ kékeré kan rọ́pò ìwé yẹn láwọn ìlú ńlá. Ẹ̀rọ náà máa ń wà lára èèyàn, ó ń dá àmì tí etí kò lè gbọ́ mọ̀ nínú ohùn rédíò. Ohun tó fi hàn ni pé ilé iṣẹ́ tí èèyàn ń gbọ́ lóòótọ́ pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń kọ lọ, àmọ́ àkókò tí wọ́n ń lò nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré sí èyí tí wọ́n kọ. Inú ìwé ni wọ́n ti ń fi kún ti àyànfẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń gbàgbé èyí tí wọ́n kàn ṣèèṣì gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè yí ìbéèrè padà. Ẹ jẹ́ ká mú àkòrí kan: “Gbígbọ́ ìròyìn rédíò àti ìtànkálẹ̀ àhesọ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kìíní.” Dípò “báwo lo ṣe máa ń gbọ́ rédíò sí?”, ọ̀rọ̀ àná ni kó béèrè. Kó pín àná sí ìgbà tí olùdáhùn jí títí tó fi kúrò nílé, ìgbà tó wà lójú ọ̀nà, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, àti òru títí tó fi sùn. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kó béèrè bóyá rédíò wà níbẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 5, ta ló tàn án, ṣé orí fóònù ni àbí orí rédíò gan-an, kí ó sì ní kó sọ ìròyìn kan péré tó gbọ́ níbẹ̀. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn olùdáhùn kì í fẹ́ràn, òun náà ló sì wúlò jù. Ọjọ́ méjèèje ọ̀sẹ̀ ni kí ó pín ìwé náà káàkiri, torí bó bá pín gbogbo rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Àìkú nìkan ló wọ̀n.

Ká ní ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn (èmi ni mo ṣe àwọn nọ́ńbà yìí fún àpẹẹrẹ). Ẹni tó ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì bi wọ́n ní ìbéèrè àtijọ́ náà pẹ̀lú, àwọn 64 sì fi àmì sí “lójoojúmọ́”. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò lójoojúmọ́ ní láti ti gbọ́ ọ lánàá, torí náà ó yẹ kí iye àwọn tó gbọ́ lánàá tó 64, bí kò bá tilẹ̀ jù ú lọ. Nígbà tó ka ti àná, 27 ló rí. Àwọn 37 tó sọnù láàárín kò sá lọ síbì kankan, àsọdùn tí ìbéèrè àtijọ́ ń bí ni wọ́n. Àmọ́ ọgbọ́n àná náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó sọ bí gbogbo ẹgbẹ́ náà ṣe ń gbọ́ rédíò, kò sọ ti ẹnì kan ṣoṣo, torí ó lè jẹ́ pé ìdánwò ni kò jẹ́ kí ẹni yẹn ráyè lánàá.

Àhesọ ló wá burú jù. “Ṣé o ti pín àhesọ rí?” Mo ti rí ìbéèrè yìí nínú ìwé púpọ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè rí ìdáhùn gidi sí i. Ẹni tó ń gbé àhesọ kiri kò mọ̀ pé àhesọ ni, ìròyìn ló pè é. Nígbà tí irọ́ náà bá fi máa tú, ó ti gbàgbé pé òun wà lára àwọn tó fi ránṣẹ́. “Rárá” tó kọ síwájú ìbéèrè náà wá látọkàn rẹ̀, kò sì wúlò fún ohunkóhun.

Ohun tó dáa jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kó ìtàn kúkúrú mẹ́fà tó jà ràn-ìn láìpẹ́ yìí jọ, mẹ́ta tó jẹ́ òótọ́ àti mẹ́ta tí wọ́n ti fi ẹ̀rí hàn pé irọ́ ni, kó gé wọn dọ́gba, kó dà wọ́n pọ̀, kó má sì kọ ibi tí wọ́n ti wá. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó béèrè bóyá olùdáhùn ti gbọ́ ọ rí, níbo ló ti gbọ́ ọ, ṣé ó gbà pé òótọ́ ni, ṣé ó sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kó fi ìtàn keje kún un, èyí tó fúnra rẹ̀ hun, tí kò tíì dé etí ẹnikẹ́ni rí. Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ti gbọ́ ọ. Hunt Allcott àti Matthew Gentzkow dán èyí wò nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2017 lórí ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ọdún 2016. Nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún olùdáhùn ló ní àwọn rántí pé àwọn rí àwọn ìròyìn irọ́ tó tàn kálẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ní àwọn rántí èyí tí àwọn olùwádìí náà hun tó nǹkan bí 14. Ẹni tí kò bá fi ìtàn keje náà sí i yóò kọ 15 sílẹ̀, yóò sì lọ sùn.

Kí olùdáhùn tó dìde, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún un èwo ni irọ́ nínú ìtàn wọ̀nyẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, prójẹ́ẹ̀tì lórí àhesọ ti di ọ̀kan lára àwọn tó ń tan àhesọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: wọ́n lo ìlànà Taro Yamane, iye olùdáhùn wọn pé. Òun nìyí:

```
n = N / (1 + N × e²)
```

`N` ni iye gbogbo èèyàn tí à ń wádìí, `e` ni àṣìṣe tí a gbà láàyè, `n` sì ni iye olùdáhùn tí a ó mú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 20,000, tí `e` sì jẹ́ 0.05, ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ 392. Ohun tí 392 ń ṣọ́ kò ju àṣìṣe tó lè wáyé nítorí pé èèyàn díẹ̀ la mú nínú ọ̀pọ̀, ìyẹn pàápàá bó bá jẹ́ pé a mú wọn láìyan ojú. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìbéèrè tó ń fa àsọdùn. Bí èèyàn 392 bá sọ àsọdùn, 392 àsọdùn la ní lọ́wọ́.

Ó tún ku ibì kan tí ìgbàgbọ́ òdì yìí ń gbà yọ. Ọ̀dọ́ nìkan ni prójẹ́ẹ̀tì bi léèrè, orí karùn-ún wá ní ọ̀dọ́ ló ń tan àhesọ jù. Ju ta ni? Kò sí àgbà kankan nínú tábìlì náà. Ní 2019, Andrew Guess, Jonathan Nagler àti Joshua Tucker gbé ìwádìí jáde lórí ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà kan fi sórí Fesibúùkù ní 2016. Àwọn èèyàn náà ló fúnra wọn yọ̀ǹda kí wọ́n wo ojú ewé àwọn, wọn kò dúró lórí ẹnu lásán. Díẹ̀ ni àwọn tó pín ìròyìn irọ́, kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ti lé ní ọdún 65 ló sì pín in jù, nǹkan bí ìlọ́po méje iye tí àwọn tó kéré jù lọ́jọ́ orí pín. Orílẹ̀-èdè kan, ìkànnì kan, ọdún ìdìbò kan ni wọ́n wò, n kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé e ka gbogbo ayé. Àmọ́ alábòójútó tó bá kà á yóò mọ̀ pé kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ “jù” sínú orí karùn-ún nígbà tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú àpẹẹrẹ tiwa, ohun tí orí kẹrin lè gbé ni pé 27 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tí a bi léèrè ló sọ pé àwọn gbọ́ rédíò fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 5 ní ọjọ́ tó ṣáájú, àti pé iye báyìí-báyìí nínú wọn ló lè dárúkọ ìròyìn kan tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀. Ó kéré lójú sí 64, àmọ́ bí olùdánwò bá bi akẹ́kọ̀ọ́ náà pé báwo ló ṣe mọ̀, yóò rí nǹkan sọ.