Ọbẹ̀ Kan Kò Gba Iṣu, Ìrẹsì àti Ẹ̀wà

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo pé bí ọbẹ̀ ata bá ti dùn, tí ẹran sì pọ̀ nínú rẹ̀, kò sí oúnjẹ tí kò lè bá a lọ. Nítorí ìgbàgbọ́ yìí ni wọ́n ṣe máa ń se ìkòkò ọbẹ̀ kan lálẹ́ Sátidé, tí wọn á fi jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ Àìkú, tí wọn á bu lára rẹ̀ sórí iṣu láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí wọn á sì da ìsàlẹ̀ ìkòkò mọ́ ẹ̀wà tó bá di alẹ́. Bí iṣu ọ̀hún kò bá dùn, wọn á ní iṣu náà kò gbó. Bí ẹ̀wà bá sì tẹ́ lẹ́nu, wọn á ní ẹran ni kò pọ̀ tó. Ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti iṣu tàbí ti ẹran, nítorí oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò gba ọbẹ̀ bákan náà, ohun tó sì ṣaláìsí nínú ọ̀kan lè ti pọ̀ jù nínú èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣu, torí òun ni wọ́n ń fìyà jẹ jù. Iṣu sísè kò ní àlàfo tí ọbẹ̀ lè gbà wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá bu ọbẹ̀ ìrẹsì tó ṣàn sórí ègé iṣu, tí ẹ sì fara balẹ̀ wò ó, ẹ ó rí i pé òróró ló máa kọ́kọ́ ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, omi á tẹ̀lé e, ìwọ̀nba ata tó bá kù lórí iṣu kò sì ní ju ohun tí a lè fi ọwọ́ nù kúrò lọ. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ á wá máa fi iṣu gbígbẹ há ọ̀fun, ọbẹ̀ á sì kù nílẹ̀ abọ́. Ọbẹ̀ tó yẹ iṣu gbọ́dọ̀ ki, kó lè lẹ̀ mọ́ ọn: ẹyin tí a fi ata dín, ẹ̀fọ́ rírò tí omi rẹ̀ ti gbẹ, tàbí ata tí a fi epo pupa dín pẹ̀lú ẹja gbígbẹ.

Adùn nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí. Èròjà amáradàgbà, èyí tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń pè ní purotéènì, kéré púpọ̀ nínú iṣu. Nínú gíráàmù 100 iṣu sísè, purotéènì tó wà níbẹ̀ kò tó gíráàmù 2. Ti ìrẹsì funfun sísè lé díẹ̀ ní gíráàmù 2 àbọ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀wà sísè máa ń tó gíráàmù 8. Bí ẹnì kan bá jẹ gíráàmù 300 iṣu, tó tó bí ègé mẹ́ta tó nípọn, ohun tó rí nínú rẹ̀ kò ju gíráàmù 4 tàbí 5 lọ, àmọ́ ẹni tó jẹ ìwọ̀n kan náà nínú ẹ̀wà ti ní ju gíráàmù 20 lọ kó tó fọwọ́ kan ẹran rárá. Síbẹ̀, ohun tí a máa ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé ni pé wọ́n á fi epo pupa àti iyọ̀ lásán jẹ iṣu, wọ́n á wá kó ẹran màlúù lé ẹ̀wà lórí. Òdì gbáà nìyẹn, àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni ó sì ń pa lára jù.

Mo wà nílé olóúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Igbóǹnà nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bẹ ìyá tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu ẹ̀wà fún mi láìsí ẹran, oúnjẹ aláìní nìyẹn.” Ìyá náà kò bínú rárá. Ó ní, “Ọkọ mi, bí o bá ní owó ẹran lọ́wọ́, iṣu ni kí o fi jẹ.” N kò rò pé onímọ̀ oúnjẹ kankan lè sọ ọ́ kó yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹyin ló rọrùn jù láti fi tún iṣu ṣe, nítorí ẹyin méjì máa ń fúnni ní nǹkan bíi gíráàmù 12 purotéènì, owó rẹ̀ kì í sì í sábà tó owó ẹran tó lè fúnni ní iye kan náà. Fún ènìyàn mẹ́rin, mo máa ń lo ẹyin mẹ́jọ, tòmátì mẹ́rin, tàtàṣé méjì, ata rodo kan àti àlùbọ́sà méjì tó tóbi. Ẹ má lọ ata náà, ńṣe ni kí ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, torí ata lílọ̀ máa ń ní omi púpọ̀ nínú. Ẹ gbé òróró bíi ṣíbí mẹ́rin kaná, kí ẹ dín àlùbọ́sà nínú rẹ̀ títí yóò fi rọ̀, kí ẹ tó da ata sí i. Ibi tó kù yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú. Wọn kì í jẹ́ kí omi ata gbẹ kí wọ́n tó da ẹyin sí i, ẹyin á wá fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú omi, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì, iṣu á sì tún wà nínú omi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ṣíbí fa ìlà kan gba àárín ìkòkò kọjá: bí ata bá yára padà bo ojú ìlà náà, omi ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìlà náà bá dúró, tí òróró sì ń yọ ní etí rẹ̀, ó ti tó àkókò. Ẹ da ẹyin tí ẹ ti pò mọ́ iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ má rò ó fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà kí ẹ máa yí i lọ́ra títí omi ẹyin yóò fi dì tán, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kó tó gbẹ pátápátá.

Ti ìrẹsì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àlàfo wà láàárín hóró ìrẹsì kan sí èkejì, ibẹ̀ sì ni ọbẹ̀ tó ṣàn díẹ̀ máa ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ ata tí a fi òróró àti omi ẹran sè fi bá a mu. Ẹran màlúù, ògúnfe, adìyẹ àti ẹja díndín, gbogbo wọn ló yẹ ẹ́. Kìkì pé ìrẹsì tó bá ti rọ̀ jù kò lè gba ọbẹ̀ yẹn, torí náà ó yẹ kí a bọ̀ ọ́, kí a ṣan sítááṣì rẹ̀ dànù, kí a tó sè é jinná. Ìrẹsì ọ̀fadà yàtọ̀ sí èyí, torí ó ní òórùn tirẹ̀ tí epo pupa àti irú inú ayamáṣe lè dúró tì, àmọ́ tí ọbẹ̀ olóròóró lásán kì í ràn.

Ẹ̀wà ló kàn, òun ló sì yẹ kí a fara balẹ̀ sí. Ẹ̀wà ti ki fúnra rẹ̀, bí a bá sì da ọbẹ̀ olómi sí i, omi náà á fa adùn rẹ̀ nù. Ohun tí ẹ̀wà ń wá ni ọ̀rá, nítorí ọ̀rá inú rẹ̀ kò tó nǹkan, àti ata tó ti dín títí tí òórùn rẹ̀ fi jinlẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé epo pupa kaná, ẹ rẹ́ àlùbọ́sà tó pọ̀ sí i, kí ẹ wá da ata gbígbẹ tí a gún, tí kò kúná jù, sí i pẹ̀lú edé díẹ̀, kí iná sì máa rọra jó títí ata yóò fi pọ́n dúdú. Iná tó bá pọ̀ jù á jó ata náà kó tó dín, ìkorò rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́ bó ti wù kí a fi iyọ̀ tó. Èéfín tó bá ń ta sókè nínú ìkòkò ni yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ fún yín.

Àṣìṣe mìíràn tí ìgbàgbọ́ ọbẹ̀ kan ṣoṣo yìí ń fà ni pé àwọn kan máa ń da ata tòmátì sórí ẹ̀wà nígbà tí kò tíì rọ̀, wọ́n á ní kí gbogbo rẹ̀ jọ jinná. Kíkan inú tòmátì kì í jẹ́ kí èèpo ẹ̀wà tètè rọ̀, torí náà ẹ̀wà olóyin tó yẹ kó jinná láàárín bí wákàtí kan lè wà lórí iná ju ìyẹn lọ, kó sì ṣì máa le lẹ́nu. Ìgbà tí èèpo náà bá fọ́ láàárín ìka méjì láìlo agbára ni kí ẹ tó fi tòmátì sí i, bí ẹ bá ní láti fi sí i rárá. Ẹ má sì sáré lọ da kánhún sí i láti fi mú un yá, torí kánhún máa ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́.

Nípa ẹran, ìwọ̀nba ẹja gbígbẹ tàbí edé tó lè mú adùn wá ti tó fún ẹ̀wà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú purotéènì ẹ̀wà ni oríṣi èròjà kan tó pọ̀ nínú hóró ọkà, nítorí náà ìrẹsì, ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì ló máa parí rẹ̀ fúnni. Gààrí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń yóni, torí purotéènì inú ẹ̀gẹ́ kò tó nǹkan. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú gààrí o, ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀wà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú abọ́ yẹn.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní àyè láti se ọbẹ̀ mẹ́ta kò ní láti dààmú. Kó ra tòmátì, tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà tó máa tó o fún ọ̀sẹ̀ náà ní Ọjà Ọba, kó lọ̀ wọ́n, kó sì se ata lílọ̀ náà láìfi òróró sí i títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kó wá pín in sọ́nà mẹ́ta. Kó fi òróró dín ìdá kan, kó sì fi omi ẹran là á fún ìrẹsì. Kó dín ìdá kejì gbẹ fún iṣu, kó sì fi ẹyin tàbí ẹja sí i nígbà tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Ìdá kẹta ni kó fi epo pupa, àlùbọ́sà púpọ̀ àti edé dín fún ẹ̀wà, kó sì jẹ́ kó pẹ́ lórí iná jù, nítorí kíkan tòmátì gbọ́dọ̀ tán nínú rẹ̀ kó tó bá ẹ̀wà mu. Bó bá sì jẹ́ pé ọbẹ̀ ìrẹsì tó ṣẹ́kù nìkan ló ní láti fi jẹ iṣu, kó dá a padà sórí iná láìdé e, kó máa rò ó títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ṣíbí, kó tó bù ú sórí iṣu.