Owó àjẹkù: sóbò tó ń tà bí ẹni ń kó o dànù

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ túmọ̀ "contribution margin" àwọn oníṣirò owó sí "àlà ìdásí"? Àlà oko ta ni? Àwọn mí-ìn ní ká kúkú máa pè é ní kọ́ntíríbúṣọ̀n màjínì, ìyẹn gan-an wá le ju ìṣirò ẹ̀ lọ. Owó àjẹkù lèmi ń pè é, torí ohun tó kù lórí owó ọjà kan ni, lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan tí títà ẹ̀ ń ná wa bá ti jẹ tiwọn tán. Ẹnì kan ní àjẹkù kì í ṣe orúkọ tó yẹ owó. Ṣé kò gbọ́ àjẹkù là á mayo rí ni? Owó rẹ́ǹtì ò sí níbẹ̀ o, ìyẹn ẹ máa san án, ẹ tà ẹ ò tà.

Ẹ gbọ́ ti ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́. Kéèkì, ṣin-ṣin àti sóbò ló ń tà, sóbò ló sì ń lọ jù, àwọn ọmọ Fútà ò jẹ́ kí fóònù ẹ̀ sinmi. 700 náírà ni ìgò kan. Ìṣápá, atalẹ̀ àti ṣúgà jẹ 280, ìgò jẹ 120, yìnyín àti epo jẹnẹrétọ̀ jẹ 80, ó ku 220. Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, àmọ́ tóṣù bá ti parí owó kéèkì ló fi ń ra ìṣápá.

Ló bá ṣí ìwé ọ́dà. Ọ́dà 100 tó gbé sóbò nìkan lọ lóṣù yẹn, 80 nínú ẹ̀ jẹ́ ìgò kan péré, 20 yòókù ìgò méjì-méjì. Oníbàárà ń san díẹ̀ nínú owó ọ̀kadà, òun ń fi 350 kún un, náílọ̀n jẹ 50, ó di 400 lórí ọ́dà kọ̀ọ̀kan, ìgò ì báà pọ̀ ì báà kéré. Bí abọ́ ìrẹsì òde ìnáwó tí wọ́n ń gbà látọwọ́ dé ọwọ́ ló rí, ẹnì kan wà nídìí ẹ̀ tí kì í wo bí abọ́ ṣe tó kó tó bu tiẹ̀.

Ìgò kan ṣoṣo: 220 tó ku ò tó 400, ó fi 180 gbèsè. Ìgò méjì: 440, èrè 40 péré. 80 yẹn kó 14,400 lọ, 20 yẹn mú 800 wá, àdánù 13,600 lóṣù kan lórí ọjà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́.

Kò pa sóbò tì o, torí èyí tó bá bá kéèkì lọ, kéèkì ti gbé owó ọ̀kadà, 220 ẹ̀ dúró pé, ti ẹni tó wá ra ní ṣọ́ọ̀bù náà dúró pé. Tó bá jẹ́ sóbò nìkan, ó ní kò sí gbígbé lọ àfi ìgò mẹ́ta sókè: 660 yọ 400, ó ku 260. Àwọn kan bínú lọ nínú àwọn tó ń ra ìgò kọ̀ọ̀kan, àwọn yẹn náà ló kúkú ń jẹ ẹ́ ní 180.