Bí ilé ìtẹ̀wé ṣe ń mọ iye tí jọ́ọ̀bù kan jẹ: láti sítọ̀ dé ṣíìtì jọ́ọ̀bù

Tí Ìléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ilé ìtẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde kì í ráyè mí. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yìí fẹ́ búróṣọ̀ Ojúde Ọba, tọ̀hún fẹ́ kálẹ́ńdà, ẹlòmíì á tún gbé ìwé ètò ìsìnkú ìyá ẹ̀ wọlé láàárín, orí máṣíìnì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń lọ, pépà inú sítọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ. Jọ́ọ̀bù méjì kì í bára mu níbí, ìdí nìyẹn téèyàn ò fi lè kó owó tó ná lóṣù pọ̀ kó wá fi iye ìwé tó tẹ̀ pín in. Jọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló máa ru ẹrù tiẹ̀, nọ́ńbà jọ́ọ̀bù la sì fi ń mọ ẹrù tó jẹ́ ti ta ni.

Ká mú búróṣọ̀ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, 1,000 ẹ̀dà, ìwọ̀n A5, ojú ewé 16 nínú, kọ́fà líle níta, aláwọ̀ mèrèmèrè. Ká pè é ní jọ́ọ̀bù 417. (Àwọn owó tí mo máa dá, àpẹẹrẹ ni o, owó pépà ò dúró sójú kan.) Gbàrà tí kọ́sítọ́mà bá ti fọwọ́ sí i, akáńtì á ṣí ṣíìtì tuntun fún 417, àyè wà lórí ẹ̀ fún pépà àti pílétì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń gbé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí pépà, fún owó òṣìṣẹ́, fún ohun táa ní kí ará ìta bá wa ṣe, àti fún ófáhẹ́ẹ̀dì, ìyẹn owó tí gbogbo jọ́ọ̀bù jọ ń jẹ.

Sítọ̀ ló kọ́kọ́ kàn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ kó kàn gbé pépà jáde, bó ti wù kó yá tó. Súpáfáísọ̀ á kọ ìwé ìbéèrè ọjà, á kọ nọ́ńbà 417 sí i, irú pépà àti bó ṣe nípọn tó, iye tó fẹ́, á wá sáìn ín. Ibi tó ti rí iye yẹn ló yẹ ká wò dáadáa. Táa bá fi kátà gé pépà ńlá kan sí méjì, ìdajì kọ̀ọ̀kan á gba ojú ewé A5 mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn, ìyẹn inú búróṣọ̀ kan pérépéré. Ẹ̀dà 1,000 nígbà náà, ìdajì 1,000 ni, tó jẹ́ pépà ńlá 500, rîmù kan. Ṣùgbọ́n àwọn pépà tó kọ́kọ́ gba máṣíìnì kọjá nígbà tí wọ́n ń wá àwọ̀ tó máa jókòó síra, ìdọ̀tí ni wọ́n máa dà, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́, torí náà wọ́n á fi 50 kún un. Ó di 550. Ní ₦200 ẹyọ kan, ₦110,000 nìyẹn. Kọ́fà mẹ́rin ló ń jáde nínú ìdajì pépà líle kan, pẹ̀lú àfikún ó gba pépà ńlá 140 ní ₦400, ₦56,000. Pílétì 12, mẹ́jọ fún inú, mẹ́rin fún kọ́fà, ní ₦4,000, ₦48,000.

Sítọ́kípà ló ń kọ iye owó sí ìwé ìbéèrè yẹn, kì í ṣe súpáfáísọ̀, iye tí wọ́n sì ra pépà tó gbé jáde ló máa kọ. Ẹ̀dà kan á dúró ní sítọ̀, ìkejì á lọ sí akáńtì.

Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, pépà 20 ṣẹ́ kù tí ò bà jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ padà sí sítọ̀ pẹ̀lú ìwé ìdápadà, kí ₦4,000 kúrò lọ́rùn 417, tí owó ọjà ẹ̀ á fi di ₦210,000. Ibí yìí gan-an lowó ti ń jò ní ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé. Pépà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kátà, wọ́n á fi tẹ káàdì ìpè ẹlòmíì láìkọ ìwé kankan, 417 á dà bí ẹni tó jẹun àjẹjù, jọ́ọ̀bù káàdì á sì dà bí èyí tó lérè rẹpẹtẹ. Tẹ́ ẹ bá rí jọ́ọ̀bù kékeré tí èrè ẹ̀ pọ̀ lọ́nà tó yani lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ lọ wo bóyá ó ní ìwé ìbéèrè tiẹ̀.

Owó òṣìṣẹ́ ò le púpọ̀, káàdì àkókò ni. Ẹni tó ṣe dìsáìn lo wákàtí 8, ẹni tó wà nídìí máṣíìnì lo 10, ₦1,500 ní wákàtí kan fún àwọn méjèèjì, àwọn tó ń ká a tí wọ́n ń fi pín-ìn-nì dè é lo 12 ní ₦1,000. Àpapọ̀ ₦39,000. Tí iná bá lọ tí mashinísìtì jókòó wákàtí mẹ́ta kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn, wákàtí yẹn ò gbọdọ̀ wọ 417, ófáhẹ́ẹ̀dì ló ń lọ, torí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ pé iná lọ. Laminéṣọ̀n kọ́fà, Ṣómólú ni wọ́n gbé e lọ, owó iṣẹ́ àti ọkọ̀ ₦30,000, ó wọ ṣíìtì tààrà.

Ófáhẹ́ẹ̀dì ló ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Dísẹ́ẹ̀lì, rẹ́ǹtì, owó oṣù sítọ́kípà, máṣíìnì tó ń gbó, kò séyìí tó jẹ́ ti jọ́ọ̀bù kan pàtó. Íǹkì náà wà níbẹ̀, torí ta ló máa jókòó wọn íǹkì jọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, àfi tí kọ́sítọ́mà bá ní dandan àwọ̀ góòlù tí wọ́n rà fún òun nìkan. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé níbẹ̀rẹ̀ ọdún wọ́n á fojú díwọ̀n gbogbo owó yìí, ká ní ₦12,000,000, wọ́n á fi wákàtí tí wọ́n rò pé máṣíìnì máa ṣiṣẹ́ pín in, ká ní 2,000. Ó di ₦6,000 fún wákàtí kan. Máṣíìnì wọn, àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ló ń tẹ̀, pílétì 12 túmọ̀ sí kí wọ́n gbé pépà kọjá lẹ́ẹ̀mejìlá, kí wọ́n máa fọ rólà láàárín, ó gba wákàtí 10. ₦60,000 ni 417 máa ru. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé jọ́ọ̀bù tó jẹ́ dídè nìkan, tí ò dé orí máṣíìnì rárá, kò ní ru kọ́bọ̀, nítorí náà ilé ìtẹ̀wé tó bá ń gba irú ẹ̀ dáadáa gbọ́dọ̀ ní iye ọ̀tọ̀ fún ẹ̀ka ìdèwé.

Bí ṣíìtì 417 ṣe parí rèé:

Pépà àti pílétì: ₦210,000
Òṣìṣẹ́: ₦39,000
Laminéṣọ̀n àti ọkọ̀: ₦30,000
Ófáhẹ́ẹ̀dì: ₦60,000
Àpapọ̀: ₦339,000

Ẹ̀dà kan jẹ́ ₦339. Tí wọ́n bá gbà á ní ₦420, èrè jẹ́ ₦81,000.

Ká wá ní wọ́n ní láti tún inú ẹ̀ tẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ́sítọ́mà ló pààrọ̀ fọ́tò lẹ́yìn tó ti sáìn púrúùfù, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án kó yẹ̀ ẹ́ wò, 417 ló ń ru ú, wọ́n á sì bá a dúnàádúrà owó náà. Àmọ́ tó bá jẹ́ ilé ìtẹ̀wé ló to ojú ewé gbòdì sórí pílétì, àkáńtì àdánù ló ń lọ, torí tí wọ́n bá tì í sínú ṣíìtì, lọ́dún tó ń bọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ dá iye fún irú jọ́ọ̀bù yẹn, àṣìṣe yẹn ni wọ́n máa fi dá a, kọ́sítọ́mà á sì sá lọ síbòmíì.

Ní òpin ọdún, wọ́n á ka wákàtí tí máṣíìnì ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Tó bá jẹ́ 1,700 péré, ₦10,200,000 ni àwọn jọ́ọ̀bù ti ru, nígbà tó sì jẹ́ ₦12,000,000 ni wọ́n ná, ₦1,800,000 wà nílẹ̀ tí ò ní olówó. Wọn ò ní padà lọ ṣí 417 tí wọ́n ti gbé lọ fún kọ́sítọ́mà, orí iye tí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n tà lọ́dún yẹn ná wọn ni wọ́n máa kó o lé, wọ́n á sì tún ₦6,000 yẹn ṣírò kí jọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ọdún tuntun tó wọlé.